Jẹnẹrétọ̀ tó ń kú lójijì: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

"Jẹnẹrétọ̀ mi ń tan dáadáa, àmọ́ tó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, á kú. Tí mo bá fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, á tún tan. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?"

Ìbéèrè tí mo bi yín nìyẹn. Ìdérí táǹkì ni o. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kàdúná ló mọ̀ ọ́n nínú àwọn tó dá mi lóhùn: wọ́n ní bó bá ti kú, kí n rọra tú ìdérí. Bí mo ṣe tú u, mo gbọ́ "fíìì", afẹ́fẹ́ ń rọ́ wọlé. Mo dé e padà, ó sì tan lójú ẹsẹ̀. Eruku ọyẹ́ Kubwa níbí ló dí ihò tíńtín ara ìdérí náà. Epo ń lọ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ò rọ́nà wọlé rọ́pò rẹ̀, ni epo ò bá sàn dé kábúrétọ̀ mọ́. Mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kó gbẹ. Kò kú mọ́.

Púlọ́ọ̀gì tí ẹnìkan ní kí n yọ dúdú lóòótọ́. Mo nù ún, ó wá ń tan kíá, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń pa á.

Màmá tó sọ lábẹ́ ìbéèrè mi pé jẹnẹrétọ̀ tiwọn ń dún láìgbé iná wá, ọ̀tọ̀ ni tiyín. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yẹ kapásítọ̀ wò.

Ohun tó kù: bí mi ò bá tan nǹkan kan sí i, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Tí mo bá fa ṣóòkù díẹ̀, ó dúró. Ihò epo kékeré inú kábúrétọ̀ ni mo fura sí, mi ò tíì tú u.

Ẹ ṣé.