Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kọ bí ìgbàgbọ́ mi ṣe yí padà, àmọ́ ìwàásù ló ń dà

Àbíkẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìtàn ara mi ni mo ń kọ, ọwọ́ mi sì ti dúró. Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí. Láti kékeré ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti ilé dé sọ́ọ̀ṣì, torí a kì í wọ bàtà sí sùtánà. Lọ́dún 2019, bàbá mi ṣàìsàn fún oṣù mẹ́rin. A gbààwẹ̀, a tan àbẹ́là, a sùn sí sọ́ọ̀ṣì. Bàbá kú. Látìgbà náà, àdúrà ò wá sí mi lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe pé inú ń bí mi. Ó kàn dákẹ́ ni. Ní 2021, nǹkan tún yí padà nínú mi, mo sì tún ń lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá láwọn ọjọ́ Ìsinmi kan. Mi ò lè sọ pé mo ti padà, mi ò sì lè sọ pé mi ò sí níbẹ̀.

Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni mo kọ. Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó ní ẹ̀rí ni, ó ku kí n ní kí wọ́n pariwo Halelúyà. Ọ̀rẹ́ mi tí kì í lọ sọ́ọ̀ṣì kà á, òun náà ní ó dà bí ẹni pé mo fẹ́ yí òun lọ́kàn padà. Bẹ́ẹ̀, mi ò ní irú èrò yẹn rárá. Ẹ wo ìpínrọ̀ kan níbẹ̀:

"Nígbà tí bàbá mi kú, iyèméjì wọ inú mi. Ọkàn mi pòrúùru, mo sì ń bi Ọlọ́run pé kí ló dé. Àmọ́ mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ sùúrù ló ń kọ́ mi. A máa ń rò pé Ọlọ́run ti gbàgbé wa, ṣùgbọ́n ẹ̀dá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àkókò Rẹ̀ ló dára jù."

Níbo ni mo ti ṣì í gbé?

Ìyá Ìbàdàn

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Má jẹ́ kí èṣù rí àyè o. Irú nǹkan báyìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ sílẹ̀ fún aráyé kà, kí ó má baà fa ẹlòmíì sẹ́yìn. Nígbà tí ọmọ mi kejì kú, oṣù mẹ́ta ni mi ò fi kọrin. Inú ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà. Mo ń wọ aṣọ, mo ń tò tẹ̀ lé wọn wọlé, mo ń la ẹnu, orin ò jáde. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Nígbà tó yá, ó padà wá fúnra rẹ̀. Tìẹ náà á padà. Àdúrà ni kí o máa gbà.

Akọ̀wé Àgbà

Àtúnṣe tó rọrùn ni: yọ Ọlọ́run kúrò níbẹ̀. Gbogbo ibi tí o ti dárúkọ Rẹ̀, fa ìlà pa á. Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ nìkan ni kí o kọ. Tí kò bá ti sí Ọlọ́run níbẹ̀, ìwàásù ò lè sí níbẹ̀.

Bàbá Olóòtú

Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Àgbà dé ìdajì ọ̀nà. Ohun tí ojú rí, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ọmọ tó ti ń wọ sùtánà láti kékeré, tó wá kọ ìtàn bàbá rẹ̀ láìdárúkọ Ọlọ́run, irọ́ ló pa. Orúkọ yẹn kọ́ ló ń wàásù.

Àbíkẹ́, mú bírò pupa. Fa ìlà sábẹ́ ibi tí "mo" ti di "a", àti ibi tí "mi" ti di "ẹ̀dá". Gbólóhùn kẹrin rẹ ni: "A máa ń rò pé." Ta ni "a" yẹn? Bàbá tèmi ò kú ní 2019. Ibẹ̀ lo ti dìde lórí àga rẹ tí o gun orí pẹpẹ. Nínú èdè wa, ipa ẹsẹ̀ ìwàásù máa ń hàn: "a", "ẹ̀dá", "ọmọ aráyé", "gbọ́dọ̀", "ẹ jẹ́ ká". Bí o bá rí méjì nínú wọn nínú gbólóhùn kan, bi ara rẹ pé ta lò ń bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, wo "mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ mi". Àbíkẹ́ ti òní ló ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ Àbíkẹ́ ti 2019 lẹ́nu. Láti òpin ni ẹ̀rí sọ́ọ̀ṣì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gba máìkì ti rí ìwòsàn kó tó dìde, gbogbo ìjọ sì mọ ibi tó ń lọ. Kò burú nínú sọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ ẹ̀rí nìyẹn. Àmọ́ ìwọ fẹ́ kí òǹkàwé wà lọ́dọ̀ rẹ ní àkókò tí o kò tíì mọ ohunkóhun. Nítorí náà, gbogbo ohun tí o kò mọ̀ lọ́dún 2019, má jẹ́ kó wọ ojú ìwé tó ń sọ nípa 2019.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, "iyèméjì". Ẹ̀bi ti wà lára ọ̀rọ̀ yẹn kó tó dé ọwọ́ rẹ. Ẹni tó bá ti gbọ́ Jákọ́bù 1:8 rí mọ̀ pé oníyèméjì ò dúró ṣinṣin. Bí o ṣe kọ ọ́, o ti dá ara rẹ lẹ́bi kí òǹkàwé tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣé iyèméjì tiẹ̀ ni? Ohun tí o sọ fún wa lókè ni pé àdúrà ò wá sí ọ lẹ́nu mọ́, ó kàn dákẹ́. Ìyẹn dára ju ìpínrọ̀ yẹn lọ. Ẹ sì tún wo ohun tí Ìyá Ìbàdàn kọ: mo ń la ẹnu, orin ò jáde. Ìyá, ẹ má bínú, ẹ̀yin gan-an lẹ dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Àbíkẹ́, nígbà tí àwọn yòókù bá ń ṣe Àmín, kí ni ẹnu tìẹ ń ṣe?

Àbíkẹ́

Ẹ ṣé, sà. Mo jókòó ti ìbéèrè yẹn fún ìgbà pípẹ́. Mo ń ṣe Àmín. Kódà, mo ń ṣe é sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ẹ̀gbẹ́ mi ni Màmá máa ń jókòó, mi ò sì fẹ́ kó fura.

Bàbá Olóòtú

Kọ ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe wà yẹn. Má fi "ọkàn mi pòrúùru" tẹ̀ lé e.

Tíṣà Bíbélì

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní àbá mìíràn. Ágústínì ará Hípò kọ ìtàn bí òun ṣe yí padà nínú ọgbà kan ní Mìlánò lọ́dún 386. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà kó tó kọ ọ́. Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀ látòkè délẹ̀, "Ìwọ" ló ń pè É. Òǹkàwé kàn ń tẹ́tí gbọ́ ni. Ẹni tó ń gbàdúrà ò ráyè wàásù fún ẹnikẹ́ni. Kí Àbíkẹ́ náà kọ ọ́ bí àdúrà.

Àbíkẹ́

Ó wù mí, tíṣà. Àmọ́ ẹ rántí pé àdúrà gan-an lohun tí mi ò lè gbà nígbà yẹn. Bí mo bá kọ ọ́ sí Ọlọ́run, ṣé kò ní jẹ́ pé láti ìlà àkọ́kọ́ ni mo ti sọ pé mo padà?

Bàbá Olóòtú

Òtítọ́ ni. Ohun tó bá ti Ágústínì mu ò bá tìẹ mu, torí òun mọ ibi tí òun dúró sí nígbà tó ń kọ ọ́. Ìwọ ò tíì mọ̀. Àmọ́ ẹ̀kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tíṣà: ẹni tí o bá dojú kọ ló ń pinnu ohùn rẹ. Dán an wò bóyá ìyá rẹ lo lè kọ ọ́ sí.

Ọmọ Ìlọrin

Mùsùlùmí ni mí, tèmi náà fara jọ èyí. Ẹ wo Ìmáàmù Gasálì. Lọ́dún 1095, òun ni olùkọ́ ńlá ní Bàgídádì. Ó ṣiyèméjì fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà bóyá kí òun fi ipò àti ọlá sílẹ̀. Nígbà tó wá kọ ìtàn yẹn, ó ní ahọ́n òun kọ̀, òun ò lè la ẹnu kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, oúnjẹ ò sì lọ lọ́nà ọ̀fun mọ́. Ara ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí èmi fi ìrun sílẹ̀ ní yunifásítì, aago márùn-ún àárọ̀ ló ṣì ń jí mi. Mo máa ń dùbúlẹ̀, màá máa wo àjà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mi ò tíì kọ ọ́ rí.

Àbíkẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Ìparí ló wá kù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2021 nìyí: ẹsẹ̀ ń dun Màmá, mo sìn ín lọ sọ́ọ̀ṣì. Aṣọ ilé ni mo wọ̀, pẹ̀lú sálúbàtà. Ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ ni pé "ọjọ́ náà ni Ọlọ́run fọwọ́ tọ́ ọkàn mi." Mo ti yọ ọ́, mo fi èyí rọ́pò rẹ̀:

"Nígbà tí a dé orí ọ̀dà, Màmá dúró láti sinmi. Oòrùn ti mú, ọ̀dà sì ń jó o lẹ́sẹ̀, ó ń gbé ọ̀kan sókè, ó ń sọ èkejì kalẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ sálúbàtà mi, mo gbé e sọ́wọ́. Màmá wo ẹsẹ̀ mi. Kò sọ nǹkan kan. A jọ ń lọ."

Akọ̀wé Àgbà

Ó dára, àmọ́ kò ní yé ẹni tí kì í ṣe aláṣọ funfun. Yóò rò pé àánú ìyá rẹ ló ṣe ọ́. Fi gbólóhùn kan ṣàlàyé.

Bàbá Olóòtú

Má ṣàlàyé níbẹ̀. Ojú ìwé kìíní ni kí o lọ tún ṣe. Kọ ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń rìn láìwọ bàtà síbẹ̀, bóyá ọjọ́ tí òkúta gún un tí bàbá rẹ̀ gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Nígbà náà, bí bàtà bá kúrò lẹ́sẹ̀ lójú ìwé kẹsàn-án, òǹkàwé ò ní béèrè ìtumọ̀. Bí ẹnì kan bá sì rò pé àánú ìyá ni, ṣé o lè fi gbogbo ẹnu sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Àbíkẹ́

Rárá, sà. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹ́kù. Màmá ò mọ nǹkan kan nípa Àmín yẹn. Ṣé kí n fi hàn án kí n tó gbé e jáde?

Akọ̀wé Àgbà

Ìtàn tìẹ ni. O kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìlọrin

Ìtàn ìyá náà ni. Èmi ò ní gbé e jáde láìsọ fún un. Ìdí gan-an tí mi ò fi tíì kọ tèmi nìyẹn.

Bàbá Olóòtú

Mo ti rí i tó yọrí sí rere lọ́nà méjèèjì, mo sì ti rí i tó bàjẹ́. Mi ò ní ìdáhùn fún ọ lórí èyí.

Ìyá Ìbàdàn

Mo tún ìtàn bàtà yẹn kà lẹ́ẹ̀mejì. Bó o bá máa fi hàn án, má fi ránṣẹ́ sórí fóònù o. Jókòó tì í, kí o fi ẹnu ara rẹ kà á fún un. Bóyá ó ti mọ̀ tipẹ́.