Ẹ gbà mí o, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ilé mi ti dàpọ̀ mọ́ra wọn

Ìyá Tóbi, Líìdìsì
Ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé. Ẹ má bínú pé mò ń dà yín láàmú ní kùtù báyìí, mi ò fojú kan oorun lóru àná. Ẹ ṣáà mọ ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tí mo ní. Mo fẹ́ yá £15,000 kí n fi ṣe yàrá yìnyín sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kí n lè máa gba ẹja àti ẹran púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó fẹ́ yá mi ní kí n fi sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́, àná ni wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn ò rí bí àwọn ṣe lè mọ iye tí ṣọ́ọ̀bù ń pa. Akáǹtì kan ṣoṣo ni mo ní o, ibẹ̀ ni owó káàdì ń wọ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń san owó ilé, bàtà Tóbi, owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sí màámi ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ẹ̀. Akáńtáǹtì náà tún pè, ó ní Òkítóbà 2024 nìkan £11,260 ló wọlé, pé èwo ni owó ọjà níbẹ̀. Mi ò lè dáhùn. 31 Jánúárì tí ìwé owó orí gbọ́dọ̀ wọlé sì ti dé tán. Ṣé kí n ṣí akáǹtì tuntun báyìí ni àbí kí n dúró di Épírélì tí ọdún owó orí tuntun máa bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí n sì sọ fáwọn tó fẹ́ yá mi lówó?

Bọ̀dá Fẹ́mi, Mánṣẹ́sítà
Ìyá Tóbi ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ fi ti ẹ̀yáwó sílẹ̀ ná, ẹ gbé Òkítóbà yẹn síwájú. Kí ló wà nínú £11,260 náà? Mo ń bi yín torí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi yá mi ní £7,000 lọ́wọ́, káàṣì, mo kó o lọ báǹkì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò síwèé, kò sí tẹ́ẹ̀sì, nǹkan kan ò sí. Nígbà tí àwọn olówó orí wá wo ìwé mi, wọ́n ní kí n fi ibi tó ti wá hàn. Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sílé nígbà yẹn. Wọ́n kà á mọ́ ọjà tí mo tà, mo sanwó orí lórí owó tí mo jẹ ní gbèsè.

Sísí Pẹ́kọ̀mù
Haa, bọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìyẹn dunni.

Ìyá Tóbi, Líìdìsì
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó tì í ni. £5,160 wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni maṣíìnì káàdì. £1,100 ni àwọn kọ́sítọ́mà fi ránṣẹ́ látorí fóònù. £5,000 tó kù, àjọ ni, èèyàn mẹ́wàá, £500 lóṣù kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo kó ti Òkítóbà.

Bọ̀dá Fẹ́mi, Mánṣẹ́sítà
Ẹ ṣeun. Ẹ wá wò ó. Àjọ kì í ṣe owó ọjà, owó yín ló padà sọ́dọ̀ yín, ẹ yọ £5,000 yẹn kúrò. £500 tí ẹ sì ń dá lóṣooṣù, òun náà kì í ṣe ìnáwó ṣọ́ọ̀bù, ẹ má kọ ọ́ mọ́ ọn. Ó ku £6,260. Ṣùgbọ́n maṣíìnì káàdì máa ń yọ tirẹ̀ kó tó fowó ránṣẹ́. Ẹ wo ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, èló ni wọ́n yọ?

Ìyá Tóbi, Líìdìsì
£90.

Bọ̀dá Fẹ́mi, Mánṣẹ́sítà
Ó dáa, £5,250 lẹ tà lórí káàdì, kì í ṣe £5,160. Ẹ kọ £5,250 síbi ọjà, ẹ kọ £90 síbi ìnáwó. Káàṣì ńkọ́?

Ìyá Tóbi, Líìdìsì
Káàṣì kì í dé báǹkì bọ̀dá. Ohun tí mo bá pa ni mo fi ń lọ ra iṣu àti plantéènì láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Tó £1,800 lóṣù yẹn. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi o, mo kó wọn sínú agolo bísíkíìtì.

Bọ̀dá Fẹ́mi, Mánṣẹ́sítà
Ọlọ́run ṣeun fún agolo yẹn. £1,800 náà ọjà ni. Ọjà tí ẹ fi owó ẹ̀ ra iṣu, ọjà ṣì ni, iṣu yẹn wá jẹ́ ìnáwó, méjèèjì ló gbọ́dọ̀ hàn. Nítorí náà ọjà Òkítóbà yín jẹ́ £5,250 àti £1,100 àti £1,800, àpapọ̀ £8,150. Báǹkì ń sọ £11,260. Tí ẹ bá yọ àjọ nìkan, ó ń sọ £6,260. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ yá yín ò fi rí nǹkan kan dì mú.

Sísí Pẹ́kọ̀mù
Èmi ní tèmi o, ohun tí mo ṣe ni pé mo ya akáǹtì méjì sọ́tọ̀, mo wá ń sanwó oṣù fún ara mi láti inú ti bísínẹ́ẹ̀sì, £1,500 lóṣù, mo ń kọ ọ́ síbi ìnáwó, owó orí tí mò ń san wá dín kù. Ìyá Tóbi ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ rí i.

Alhaja Bámídélé, Bọ́míńgámù
Sísí, rárá o. Má kọ́ ìyá yẹn ní nǹkan tó máa kó bá a. Ṣé límítẹ́ẹ̀dì ni ṣọ́ọ̀bù tìẹ?

Sísí Pẹ́kọ̀mù
Bẹ́ẹ̀ ni mà, límítẹ́ẹ̀dì ni. Kí ló kan ìyẹn? Owó oṣù ni owó oṣù.

Alhaja Bámídélé, Bọ́míńgámù
Ó kan án gan-an ni. Límítẹ́ẹ̀dì, kọ́ńpìnnì dá dúró lọ́tọ̀ lójú òfin, ìwọ gan-an òṣìṣẹ́ ẹ̀ ni ọ́, tí PAYE, owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù, bá wà níbẹ̀ owó oṣù rẹ jẹ́ ìnáwó lóòótọ́. Ìyá Tóbi ò forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, òun àti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ẹyọ kan náà ni. Èrè ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gba owó orí lé, ohun tó bá mú nínú ẹ̀ ti di owó ara ẹ̀, bó mú £1 bó mú gbogbo ẹ̀ kò yí nǹkan kan padà. Mo mọ̀ torí èmi náà ṣe é. £1,200 lóṣù ni mò ń kọ sílẹ̀ bí owó oṣù ara mi, £14,400 lọ́dún. Nígbà tí akáńtáǹtì tuntun rí i, ó fọwọ́ bo ẹnu. £2,880 owó orí ni mo ní láti dá padà lórí ọdún kan péré, Náṣọ́nà Ìnṣọ́ránsì àti èlé ò tíì wọ̀ ọ́. Ọdún méjì sì ni mo fi ṣe é.

Sísí Pẹ́kọ̀mù
Alhaja mo gbọ́ mà, ṣùgbọ́n akáńtáǹtì mi mọ ohun tó ń ṣe.

Alhaja Bámídélé, Bọ́míńgámù
Mi ò bá akáńtáǹtì tìẹ jà. Mo ní tìẹ yàtọ̀ sí tiẹ̀ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Hiúsítọ̀n
Ẹ kú ìjókòó o. Lọ́dọ̀ wa níbí, kọ́ńpìnnì LLC ni kẹ́ ẹ ṣí, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà owó orí tí wọ́n ń pè ní EIN lọ́dọ̀ IRS, àwọn olówó orí Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbé e lọ báǹkì, ó tán. Tẹ́ ẹ bá sì da owó pọ̀ nínú LLC, ẹni tó bá pè yín lẹ́jọ́ lè sọ pé ilé yín náà wọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Bọ̀dá Fẹ́mi, Mánṣẹ́sítà
Ọmọ Ìjẹ̀bú, Líìdìsì ni ìyá yìí wà o, kò sí IRS níbí 😂 ẹ bá wa mú un dání tá a bá ń bọ̀ ní Tẹ́sáàsì.

Alhaja Bámídélé, Bọ́míńgámù
Ìyá Tóbi, ti ìbéèrè yín. Ẹ má dúró de Épírélì. Kò sóhun tó so akáǹtì mọ́ ọjọ́ tí ọdún owó orí bẹ̀rẹ̀. Òfin ò pọn ọ́n ní dandan fún ẹni tó ń dá ṣòwò bíi tiyín pé kó ní akáǹtì bísínẹ́ẹ̀sì o, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ báǹkì kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi akáǹtì ara ẹ̀ ṣòwò, wọ́n sì lè tì í pa. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, maṣíìnì káàdì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí síbẹ̀, torí tí ìyẹn bá ṣì ń sanwó sí ti àtijọ́, asán ni gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn náà nọ́ńbà akáǹtì tí ẹ lẹ̀ mọ́ káńtà. Káàṣì náà, ẹ kó o lọ báǹkì ná kẹ́ ẹ tó fi ra iṣu, tàbí kó kéré tán kẹ́ ẹ kọ iye tí ẹ pa lójúmọ́ sínú ìwé kẹ́ ẹ tó mú nínú ẹ̀. Ẹ wá máa gbé owó tí ẹ fẹ́ jẹ sí akáǹtì ilé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí orúkọ tí ẹ fún un máa jẹ́ ọ̀kan náà. Inú akáǹtì ilé yẹn ni àjọ, owó màmá àti bàtà Tóbi máa wà.

Ti owó àtẹ̀yìnwá, ẹ tẹ sítétímẹ́ǹtì jáde kẹ́ ẹ fi bírò aláwọ̀ mẹ́ta sàmì sí i, ọjà, ilé, àjọ. Ẹ ní kí ẹni tó ń gba àjọ kọ orúkọ àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àti oṣù tí kálukú kó sínú ìwé kan, kó fọwọ́ sí i. Ẹ má jù ú nù, ọdún márùn-ún lẹ́yìn 31 Jánúárì yẹn lẹ gbọ́dọ̀ fi tọ́jú ìwé ọdún kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Tóbi, Líìdìsì
Alhaja, Ọlọ́run á pa yín mọ́. Ọ̀kan ṣì kù. Ẹran àti ìrẹsì tí mò ń gbé láti ṣọ́ọ̀bù lọ sílé ńkọ́? Mi ò kọ ìyẹn síbì kankan rí.

Bọ̀dá Fẹ́mi, Mánṣẹ́sítà
Ìyẹn wà níbẹ̀ o. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ bi akáńtáǹtì yín bóyá iye tí ẹ ń tà á fún kọ́sítọ́mà ni àbí iye tí ẹ rà á. Àpò ìrẹsì tí ẹ ra ní £18 tí ẹ ń tà ní £24, tó bá dé ìdáná yín, ì báà jẹ́ £18 tàbí £24, ó gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé.

Sísí Pẹ́kọ̀mù
Yé! Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ mi ti jẹ ọjà tó tó £24 lọ́nà ogún 😂😂

Ẹ̀gbọ́n Lánre, Pẹ́kọ̀mù
Ẹ dúró ná. £8,150 lóṣù lọ́nà méjìlá, £97,800 nìyẹn. £90,000 láàárín oṣù méjìlá èyíkéyìí ni ẹnu ọ̀nà VAT, tí ọjà bá ti kọjá ìyẹn, dandan ni kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀. Oúnjẹ tí wọn kì í gba VAT lé, òdo ni tiẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń kà á mọ́ ọn. Ṣé gbogbo oṣù ló rí bẹ́ẹ̀?

Ìyá Tóbi, Líìdìsì
Rárá o! Òkítóbà yẹn, àríyá òmìnira àti ìgbéyàwó méjì ló wà níbẹ̀. Fẹ́búárì mi ò rò pé mo tà tó £6,000.

Ẹ̀gbọ́n Lánre, Pẹ́kọ̀mù
Ẹ ṣírò oṣù kọ̀ọ̀kan o, ẹ má fojú díwọ̀n. Tí ọjà 2024 sí 2025 bá sì ju £50,000 lọ, láti 6 Épírélì 2026 orí ẹ̀rọ lẹ gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́ sí, ẹ ó máa fi ránṣẹ́ sí HMRC, àwọn olówó orí, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Agolo bísíkíìtì ò ní gbà á mọ́.

Bọ̀dá Fẹ́mi, Mánṣẹ́sítà
Àríyá òmìnira ní Líìdìsì? Èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀? Ẹ wá sí Mánṣẹ́sítà kẹ́ ẹ wá wo aṣọ ẹbí.

Sísí Pẹ́kọ̀mù
Ẹ má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ò tíì jáde ní Pẹ́kọ̀mù lọ́sàn-án Sátidé ò tíì rí Yorùbá.

Ìyá Tóbi, Líìdìsì
Ẹ fi Líìdìsì sílẹ̀ o, iṣu tèmi dùn ju tiyín lọ.

Alhaja Bámídélé, Bọ́míńgámù
Iṣu wo ló dùn níbí? Iṣu tó ti sùn nínú kọ̀ǹtẹ́nà lórí òkun. Màámi nílé máa ń so owó ọjà mọ́ etí ìró kan, owó oúnjẹ a wà ní etí kejì, wọn ò mọ̀wé o, wọn ò sì ṣì í mú rí. Tí wọ́n bá ti tú etí ìró kejì, a ti mọ̀ pé àkàrà ti ń bọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Hiúsítọ̀n
Alhaja ẹ má pa mí lẹ́kún. Ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò tíì rílé.

Ìyá Tóbi, Líìdìsì
Ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, kájú ti ń yọ òdòdó. Àwọn ọmọdé á ti máa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n Lánre, Pẹ́kọ̀mù
Ìyá Tóbi, àwọn tó fẹ́ yá yín lówó ńkọ́? Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á gba SA302, ìwé tí HMRC fi ń ṣírò owó orí yín, ti ọdún méjì pẹ̀lú ìwé tí Alhaja ní kẹ́ ẹ ṣe yẹn, àbí wọ́n á ní kí akáǹtì tuntun kọ́kọ́ pé oṣù mẹ́fà.

Ìyá Tóbi, Líìdìsì
Màá pè wọ́n lọ́sàn-án. Kọ́sítọ́mà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bèèrè èlùbọ́. Ẹ jẹ́ n dá a lóhùn ná.