Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: nọ́ọ̀sì wo ni kí n gbà?

Ìyá Dàpọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú ilé o. Orí mi gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ilé ìwòsàn kékeré kan, èmi ni mò ń bá a bójú tó o. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo la ń wá, ìwé 21 ló dé. Àwọn kan ò tilẹ̀ kọ orúkọ mi dáadáa! Ìwé ẹnì kan wù mí, ojú ewé 5, ó mọ́ tónítóní, ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnì kejì láti Ìkẹ́nnẹ́ kọ ojú ewé kan péré, ó tún ṣi Ṣágámù kọ. Òun lẹ̀gbọ́n mi ní ká pè! Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.

Bàbá Ṣọlá, Ṣágámù: Ẹni tó ń ṣi orúkọ ìlú kọ, ṣé kò ní ṣi oògùn kọ? Ẹni ọdún 10 ni kẹ́ ẹ gbà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìperu: Ìyá Dàpọ̀, wọ́ọ̀dù wo ló máa ṣiṣẹ́? Ṣé nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kánsù àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí wà nínú ìwé rẹ̀? Ọdún mẹ́ta mẹ́ta là ń tún láísẹ́ǹsì ṣe, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe láísẹ́ǹsì o.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó: Mo gba nọ́ọ̀sì fún ìyá ọkọ mi nílé. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló gún, apá wú. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn ló ti fojú kọ́ iṣẹ́, kò lọ sílé ẹ̀kọ́ rárá. Ẹ má gba ẹnikẹ́ni sílé!

Ìyá Dàpọ̀: Ti ilé kọ́, Ìyá Ìbejì. Ẹni ọdún 10 yẹn kò kọ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni. Yàrá ìgbẹ̀bí ni, iṣẹ́ alẹ́. Òun nìkan ni á wà níbẹ̀ títí dókítà á fi dé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Há! Ẹ̀yin ni ẹ fi ìyẹn pamọ́? Níbo ló ti lo ọdún 10 náà?

Ìyá Dàpọ̀: Ọdún 6 nílé ìwòsàn ojú, 4 níbi tí aláìsàn ti ń wá gba oògùn lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ó lè mọ iṣẹ́ ojú dáadáa. Ṣùgbọ́n tí obìnrin bá bímọ tán ní aago méjì òru, tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, kí ló fẹ́ ṣe? Agbẹ̀bí á kígbe fún ìrànwọ́, á máa fọwọ́ pa ikùn kí ilé ọmọ lè le, á gún ọksitósìn, á fi dírípù sí i, á yẹ ibi ọmọ wò bóyá ó pé, á sì jẹ́ kí ó tọ̀. Ẹ bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè yẹn, kí ẹ sì fetí sí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Lẹ́tà RM, ti agbẹ̀bí tó forúkọ sílẹ̀, ni kẹ́ ẹ wá nínú ìwé. RN, ti nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀, nìkan kò tó fún yàrá yẹn.

Bàbá Ṣọlá: Ìyá àgbà tó gbẹ̀bí mi ò ní láísẹ́ǹsì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bàbá, ẹ dárí jì mí, àwọn tí kò yè kò lè wá bá wa jiyàn. Ìyá Dàpọ̀, kí ni ti Ìkẹ́nnẹ́ kọ?

Ìyá Dàpọ̀: RN, RM, nọ́ńbà wà níbẹ̀. Ọdún 3 ní yàrá ìgbẹ̀bí… Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ àbúrò ọkọ mi ni ẹnì kìíní. Mo ti ní kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kó mú láísẹ́ǹsì wá kó tó wọ aṣọ iṣẹ́. Bí ó bá ní in, ẹ fi í sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn ọ̀sán. Alẹ́ kọ́.

Ìyá Dàpọ̀: Kí ni mo máa wá sọ fún ìyá rẹ̀?