Ṣé gbogbo àkọsílẹ̀ ni kí n fi àmì ohùn sí kí n tó ka ọ̀rọ̀ inú wọn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì ni mo ti ń ṣe fídíò lórí iyán àti oko iṣu, mo sì fẹ́ mọ kókó tí ń mú kí àwọn òǹwòran pẹ́ nídìí rẹ̀. Mo gba àkọsílẹ̀ aládàáṣe ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú fídíò 14, mo ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ yọ, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tó ń fi ibi tí àwọn òǹwòran ti dúró àti ibi tí wọ́n ti kúrò hàn.

“Isu” wà níbi gbogbo, nítorí náà kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn. “Odo” ló dà mí láàmú: ìlà àwòrán náà sábà máa ń gòkè níbi tó ti yọ, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ náà kò ní àmì ohùn, ó sì da odó tí a fi ń gún iyán pọ̀ mọ́ odò tó wà létí oko. Mo fi ọwọ́ ara mi tún àkọsílẹ̀ méjì ṣe. Odó ló bá ibi gíga náà mu, àmọ́ méjì kéré jù láti gbé ìpinnu lé.

Ṣé kí n tún gbogbo àkọsílẹ̀ 14 náà ṣe ni, àbí kìkì ibi tí ìlà ti gòkè? Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá ṣe ti ìkejì, n kò ní mọ iye ìgbà tí mo dárúkọ odó níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kúrò.

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.