Ẹ̀kọ gbígbóná dà sí ọmọ lára: ṣé fọ́tò yìí tó láti fi mọ bí egbò ṣe jìn tó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà wa. Láti Iléṣà ni mo ti ń béèrè.

Ọmọ ọdún 2 ni. Ẹ̀kọ gbígbóná dà sí i ní apá àti abíyá láàárọ̀ yìí. Ẹ̀kọ máa ń lẹ̀ mọ́ ara, ooru rẹ̀ kì í tètè lọ bíi ti omi lásán. Ìyá rẹ̀ bọ́ aṣọ rẹ̀ kíá, ó da omi tútù tó ń ṣàn sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kò lo omi yìnyín, ó sì fi aṣọ gbígbẹ bo ìyókù ara rẹ̀ kí òtútù má bàa mú un. Kò fi epo pupa tàbí ẹyin sí i rárá. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù mímọ́ ló tẹ́ lé egbò náà, kò wé e.

Nínú fọ́tò, awọ òkè ti bó, abẹ́ rẹ̀ pupa, ó ń dán. Àmọ́ ojú ibì kan ní abíyá funfun. Ṣé iná fóònù ni, àbí ẹ̀kọ tó kù, àbí egbò tó jìn? Mo ní kí ìyá fọwọ́, kó tẹ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó sì jù ú sílẹ̀. Ó ní àwọ̀ náà ò tètè padà. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, torí bó bá padà kíá, egbò òkè lásán ni.

Gbogbo rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà 6, pẹ̀lú ìka, ìyẹn bí ìdá 6 nínú 100 ara rẹ̀. Èrò mi ni pé kó lọ sílé ìwòsàn ńlá lónìí, nítorí abíyá tó jóná jìn lè sún kì. Àbí ká tún un wò lẹ́yìn wákàtí 48, torí egbò ṣì lè jìn sí i? Báwo lẹ sì ṣe ń ní kí wọ́n ya fọ́tò egbò?