Báwo ni mo ṣe lè sọ lẹ́kíṣọ̀ dísáìnì bíìmù di àwòṣe ìṣirò tí ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé?

Ọmọ Poli
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀gá wa kọ́ wa ní dísáìnì bíìmù kọnkéré ní ìlànà BS 8110. Wákàtí méjì ni wọ́n fi kọ ọ́ kún pátákó, mo sì dà á kọ sí ojú ìwé mẹ́sàn-án. Mo fẹ́ sọ ọ́ di àwòṣe tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi á máa lò, tó fi jẹ́ pé bí gígùn bíìmù bá yí padà, nọ́ḿbà nìkan la ó pààrọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo bí mo ṣe ń kọ ọ́, ńṣe ló ń dà bí àròkọ.

Bíìmù náà jẹ́ 6 m, ó jókòó lórí ògiri méjì. Fífẹ̀ rẹ̀ 225 mm, gíga rẹ̀ 450 mm. Ẹrù tí kì í kúrò níbẹ̀ jẹ́ 12 kN/m, ìwúwo bíìmù fúnra rẹ̀ ti wà nínú ìyẹn. Ẹrù èèyàn àti àga jẹ́ 6 kN/m. Agbára kọnkéré jẹ́ 25, ti irin jẹ́ 460, N/mm² ni méjèèjì. Mo rí 806 mm² irin. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ jókòó rí 880, nọ́ḿbà kan náà la sì lò. Ta ló ṣì í nínú wa?

Àǹtí Ẹnjiníà
Kò sẹ́ni tó ṣì í nínú ẹ̀yin méjèèjì. Màá dé orí ìyẹn.

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ báyìí. Mú ìwé rẹ pẹ̀lú gègé pupa kan. Gbogbo nọ́ḿbà tó bá wà níbẹ̀, bi í pé ibo ló ti wá. Ọ̀nà mẹ́ta péré ló wà: ó wà nínú ìbéèrè, tàbí o ti ṣírò rẹ̀ ṣáájú, tàbí ìwé ìlànà ló sọ ọ́. Èyí tí o kò bá mọ orísun rẹ̀, fi pupa yí i ká. Àwọn tó bá wà nínú pupa yẹn ni olùkọ́ fi ẹnu sọ tí kò kọ sí pátákó, ibẹ̀ náà sì ni àwòṣe máa ń bàjẹ́ sí.

Lẹ́yìn náà, pín ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta lóòró. Bá a ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì dísáìnì nìyẹn. Apá òsì ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, àárín ni ìṣirò, apá ọ̀tún ni àbájáde nìkan, kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lè ka apá ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìwo àárín. Lórí gbogbo rẹ̀, kọ àwọn ohun tí wọ́n fún ọ síbì kan ṣoṣo, pẹ̀lú irin tí o fọkàn sí (20 mm), ríìngì (8 mm) àti ìbora kọnkéré (25 mm). Láti ibẹ̀ ni d, ìyẹn ìwọ̀n láti orí bíìmù dé àárín irin ìsàlẹ̀, ti máa jáde: 450 − 25 − 8 − 10 = 407 mm. Nínú rẹ̀, gk ni ẹrù tí kì í kúrò, qk ni ẹrù èèyàn àti àga, L ni gígùn, b ni fífẹ̀, fcu ni agbára kọnkéré, fy ni ti irin, As sì ni irin tí bíìmù nílò. Tìrẹ á rí báyìí:

```
IBI TÓ TI WÁ   ÌṢIRÒ                           ÀBÁJÁDE
Tábìlì 2.1     w = 1.4gk + 1.6qk
                 = 1.4(12) + 1.6(6)            w = 26.4 kN/m
               M = wL²/8 = 26.4(6²)/8          M = 118.8 kNm
3.4.4.4        K = M/(fcu b d²)
                 = 118.8×10⁶/(25×225×407²)     K = 0.127 < 0.156
3.4.4.4        z = d[0.5 + √(0.25 − K/0.9)]    z = 337 mm
3.4.4.4        As = M/(0.95 fy z)              As = 806 mm²
```

Wo ìlà K dáadáa. Lẹ́tà kọ́kọ́ jáde, nọ́ḿbà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni èsì. Má ṣe fo ti àárín láé. 10⁶ tó wà níbẹ̀ ló ń sọ kNm di Nmm. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀, K rẹ̀ á jẹ́ 0.000000127, ìyẹn á sì sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Nítorí náà, kọ 0.156 sí ẹ̀gbẹ́ K nígbà gbogbo. Bí K bá ju ìyẹn lọ, irin ìsàlẹ̀ nìkan kò tó mọ́, àwòṣe yìí kò sì bá bíìmù yẹn mu.

Ó wá ku 806 àti 880. Ẹ̀dà 1997 fi 0.95fy síbẹ̀. Ti 1985 fi 0.87fy síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ ń lo ti àtijọ́. Kọ ọdún ẹ̀dà sí orí ojú ìwé, ìjà tán.

Ọ̀gá Excel
Kí lẹ ń fi òǹkà ọwọ́ yọ ara yín lẹ́nu sí? Ẹ gbé e sínú Excel:

```
=B5*10^6/(B6*B7*B9^2)
```

Ẹ fi d sí gíga dín 50, ó máa ń bọ́ sí i lọ́jọ́ gbogbo.

Àǹtí Ẹnjiníà
Excel dára, ṣùgbọ́n bí o bá tẹ̀ ẹ́ jáde, èsì nìkan ló máa hàn, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò ní mọ ohun tó wà ní B7. Kọ lẹ́tà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ti dín 50, ó ṣiṣẹ́ fún bíìmù yìí, torí 400 kéré ju 407 lọ. Àmọ́ bí ìbora bá di 40 mm, ríìngì 10, irin 25, d á jẹ́ 387.5. Ìwọ á ṣì kọ 400, irin rẹ á sì dín.

Alága Mẹ́sìn
Ẹ ṣeun fún ìmọ̀ràn yìí. Mo ń kọ́ ilé lọ́wọ́, bíìmù pálọ̀ mi jẹ́ mítà márùn-ún. Áyọ́ọ̀nù bẹ́ńdà mi ní irin 16 méjì ti tó. Ṣé ó tó?

Àǹtí Ẹnjiníà
Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ìwé kíláàsì là ń sọ níbí. N kò mọ ẹrù tó wà lórí bíìmù tiyín, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà wá wò ó níbẹ̀ kí ẹ tó da kọnkéré.

Alága Mẹ́sìn
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé 25 mm tó kọ yẹn, bísíkíìtì, ìyẹn kọnkéré pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sábẹ́ irin, ló ń dúró fún un níbi iṣẹ́. Mo ti rí i tí wọ́n fi òkúta kéékèèké dípò bísíkíìtì, tí irin sì gòkè ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọmọ Poli
Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ìyẹn túmọ̀ sí pé d tí mo kọ ń dín kù nìyẹn. Màá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ìbora.

Àǹtí, ọ̀rọ̀ kan ṣì ń dà mí láàmú. Mo mú irin 20 mẹ́ta, 942 mm². Ọ̀rẹ́ mi ní irin 16 mẹ́rin yóò dín owó kù. Ìyẹn jẹ́ 804, kò tó 806.

Àǹtí Ẹnjiníà
Dúró. Bí o bá mú 16, d kì í ṣe 407 mọ́. 450 − 25 − 8 − 8 = 409. Padà sí ìlà K.

Ọmọ Poli
K = 0.126, z = 340, As = 800. 804 ti tó! Àfi kí n fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ tó máa béèrè pé ṣé irin tí mo mú ni mo fọkàn sí lókè.

Àǹtí Ẹnjiníà
Ìlà yẹn gan-an ló kù. Lẹ́yìn rẹ̀, fi ìyẹ̀wò bí bíìmù ṣe máa tẹ̀ lábẹ́ ẹrù sí i, kó o ṣe é láti Tábìlì 3.9 àti 3.10. Fún irin 20 mẹ́ta, 6000/407 jẹ́ 14.7, wọ́n sì gbà ọ́ láàyè dé nǹkan bíi 19.8. Fún irin 16 mẹ́rin, tún un ṣe, torí irin tí o fi sí i wà nínú ìṣirò náà.

Ọ̀gá Excel
Èmi kò ní fi irin 804 síbi tí ìṣirò ti béèrè 800 láéláé. Bí bísíkíìtì bá yẹ̀ díẹ̀, ó ti tán.

Àǹtí Ẹnjiníà
Lórí ìwé, ó kọjá. Ṣùgbọ́n èmi náà, irin 20 mẹ́ta ni màá yà. Ọmọ, kọ méjèèjì sílẹ̀, kí o bi ọ̀gá yín.