Báwo ni a ṣe lè tọrọ owó ẹ̀kọ́ láìtú àṣírí ọmọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo wà, èmi ni mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán tí ẹgbẹ́ wa fi ń wá owó ìdánwò WAEC fún àwọn ọmọ tí agbára òbí wọn kò ká a. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi nípa ọmọbìnrin kan nìyí: “Bàbá rẹ̀ ti kú, ebi ń pa á, ẹ gbà á là.” Ojú rẹ̀ hàn kedere, àmì ilé-ẹ̀kọ́ sì wà láyà aṣọ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé gbogbo Ìtòkú, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ta àdìrẹ, ni yóò dá a mọ̀.

Mo tún un kọ báyìí, lábẹ́ àwòrán ọwọ́ rẹ̀ lórí ìwé: “Ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì. Ìyá rẹ̀ ti san ìdajì owó ìdánwò; ìyókù ni a fẹ́ kí ẹ bá wa dá.” Ìyá àti ọmọ kà á, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n akápò wa ní ọ̀rọ̀ náà kò lè mú ẹnikẹ́ni tọwọ́ bàpò. Kí ni mo lè fi kún un tí àìní náà yóò fi hàn dáadáa?

Ìbéèrè kejì: lẹ́yìn ìdánwò, ṣé kí n ròyìn èsì rẹ̀ ni, àbí iye àwọn ọmọ tí owó náà jẹ́ kí wọ́n jókòó ṣe ìdánwò? Ìkejì ni ọkàn mi fà sí, nítorí pé owó wa kò kọ́ ọ níwèé, bí kò bá sì yege, ojú ayé ni yóò ti rí ìtìjú.